Orí Keje: Fáìlì Ẹ̀rí Ìkọ́ni àti Bí A Ṣe Ń Fi Ìdàgbàsókè Hàn Nínú Rẹ̀

Nígbà tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá kọ̀wé pé òun ń béèrè fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, àwọn àpilẹ̀kọ tí ó ti tẹ̀ jáde kì í fún ìgbìmọ̀ ìgbéga ní wàhálà láti yẹ̀ wò, nítorí orúkọ jọ́nà wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń ṣiyèméjì lè ṣí i kí ó kà á. Ṣùgbọ́n ìkọ́ni fúnra rẹ̀, tí ó ń gba púpọ̀ nínú agbára àti àkókò olùkọ́, a máa tán bí agogo bá ti lù, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn a sì tú ká, oníkálukú a bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń ṣẹ́ kù fún ìgbìmọ̀ ni ẹnu olùkọ́ náà àti ẹnu olórí ẹ̀ka rẹ̀, a sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀.

Fáìlì ẹ̀rí ìkọ́ni ni a fi ń dí àlàfo yìí. Apá méjì ni ó ní: àlàyé tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn àfikún tí ń jẹ́rìí sí ohun tí àlàyé náà sọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ilẹ̀ Kánádà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di ètò, wọ́n sì tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 1980. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí Peter Seldin ti kọ ìwé tí ó tan ìmọ̀ rẹ̀ kálẹ̀ ní ọdún 1991. Àbá Seldin ni pé kí àlàyé náà má ju bí ojú-ìwé 8 sí 10 lọ, kí gbogbo ìyókù sì wà nínú àfikún, àbá náà sì bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹni tí ó jókòó sí ìgbìmọ̀ ní fáìlì ogún ènìyàn níwájú, ìwé tí ó bá sì nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni yóò rí.

Ohun tí ó ń wọ inú fáìlì

Àlàyé náà a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí a gbé lé olùkọ́ lọ́wọ́: àwọn kọ́ọ̀sì tí ó ń kọ́, ipele tí ó ń kọ́ wọn, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, bóyá dandan ni kọ́ọ̀sì náà tàbí àṣàyàn, iye ìgbà tí ó ti kọ́ ọ, àti àwọn tí ó ń bójú tó lórí iṣẹ́ àṣekágbá tàbí níbi ìfikọ́ra iṣẹ́ olùkọ́. Ojú-ìwé kan ti tó fún gbogbo èyí, kò sì sí ohun tí a ó máa ṣe àsọdùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi iye akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 300 nínú gbọ̀ngàn kan kò lè ní irú ẹ̀rí kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ń kọ́ 12 yí tábìlì ká.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ìgbàgbọ́ olùkọ́ nípa ìkọ́ni, ibí sì ni ọ̀pọ̀ fáìlì ti ń kọ́kọ́ rọ. Olùkọ́ a máa kọ ọ́ pé òun gbà pé nípa ṣíṣe ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mọ nǹkan, pé òun fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ronú fúnra wọn. Ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá ṣí àfikún, tí wọ́n wo ìlànà kọ́ọ̀sì rẹ̀, wọn a rí ọ̀sẹ̀ 12 tí ó kún fún àsọyé, àti ìdánwò kan ṣoṣo ní ìparí, tí ìbéèrè rẹ̀ ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ “ka” èyí, kí ó “dárúkọ” tọ̀hún. Ìlànà kọ́ọ̀sì náà ti já olówó rẹ̀ nírọ́ níwájú àwọn àgbà. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó kọ gbólóhùn kan sínú ìgbàgbọ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wá ìwé tí yóò tọ́ka sí nínú àfikún. Bí kò bá rí i, kí ó yọ gbólóhùn náà, tàbí kí ó kọ ohun tí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbè lẹ́sẹ̀. Ojú-ìwé kan ààbọ̀ tí ó ní ìtọ́ka mẹ́rin tí ó dúró gírí dára ju ojú-ìwé mẹ́rin ọ̀rọ̀ dídùn lọ.

Àwọn ẹ̀rí ni ó kàn, orísun mẹ́ta ni wọ́n sì ti ń wá. Àwọn kan ń wá láti ọwọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀: ìlànà kọ́ọ̀sì, ìwé ìbéèrè ìdánwò, ìlànà ìmáàkì, ohun èlò tí ó ṣe fún kíláàsì. Àwọn kan ń wá láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, èsì wọn, àti ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbéèrè nípa ìkọ́ni. Àwọn kan ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ tí ó wá jókòó sí kíláàsì, tàbí tí ó yẹ ìlànà kọ́ọ̀sì wò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìgbìmọ̀ ń fẹ́ rí ni pé àwọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọjà kan náà; bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń yin olùkọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ẹ̀rí méjèèjì ń bá ara wọn jà, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó bi í.

Ìdàgbàsókè: ìwé méjì àti ìpinnu tí ó wà láàárín wọn

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Àwọn ẹ̀rí tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí lè fi hàn pé olùkọ́ dára. Wọn kò ì tíì fi hàn pé ó dàgbà. Ìdàgbàsókè kì í fojú hàn nínú ohun kan ṣoṣo, bí ohun náà ti wù kí ó dára tó. Ó ń fẹ́ ìwé méjì tí ó jẹ́ irú kan náà, tí ọjọ́ wà lára wọn, èyí àtijọ́ àti èyí tuntun, ó sì ń fẹ́ ìpinnu kan tí olùkọ́ ṣe láàárín wọn, pẹ̀lú ìdí tí ó fi ṣe é. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èyí ni ó fà á tí olùkọ́ tí ó ń ya ìlànà kọ́ọ̀sì rẹ̀ àtijọ́ dànù nítorí pé ojú ń tì í, fi ń ba ara rẹ̀ jẹ́ láìmọ̀, nítorí ìwé tí kò dára tó yẹn gan-an ni ìdajì ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan, tí a gbé kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí nìkan, kí a sì tẹ̀ lé e délẹ̀. Olùkọ́ obìnrin kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ni, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní àkọtọ́ Yorùbá àti àmì ohùn. Ní ọdún àkọ́kọ́, àsọyé ni ó fi kọ́ kọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí ó gbà á là: ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó fún kíláàsì ní àyọkà tí ó ní ọ̀rọ̀ 100, tí a kò fi àmì kankan sí, pé kí wọ́n fi àmì ohùn sí i, máàkì kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá tọ́; ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, ó tún fún wọn ní àyọkà mìíràn tí ó gùn bákan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ 46 ni ó wà ní kíláàsì, 41 nínú wọn ni ó ṣe ìdánwò méjèèjì, àwọn 41 yìí nìkan ni ó sì ṣírò, nítorí bí a bá da àwọn tí wọ́n ṣe ọ̀kan mọ́ àwọn tí wọ́n ṣe méjèèjì, àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń fi wé ara wọn. Àròpín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 38, ó sì di 53 ní ìparí.

Lẹ́yìn èyí, ó jókòó ti àwọn ìwé náà, ó sì to àṣìṣe wọn sí ìsọ̀rí. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró kò yọ wọ́n lẹ́nu púpọ̀. Nínú àṣìṣe 10, 6 ni ó wà níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti súnkì di ọ̀kan, tí fáwẹ̀lì kan ti lọ ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ “kọ”, ó mọ “ìwé”, ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá pàdé, “kọwé” ni ó ń kọ dípò “kọ̀wé”. Òfin ìsúnkì wà nínú àsọyé ọ̀sẹ̀ kẹfà, a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a kò sì tún padà sí i mọ́. Ìpinnu tí ó ti inú èyí jáde kò le rárá: ní ọdún kejì, ó gé àsọyé kù, ó fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ kékeré lórí ìsúnkì, ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi do, re, mi pe ọ̀rọ̀ náà jáde kí wọ́n tó fi àmì sí i, ó sì ń dá iṣẹ́ wọn padà kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Kíláàsì ọdún kejì wọlé pẹ̀lú àròpín 44, wọ́n sì jáde pẹ̀lú 72.

Báwo ni yóò ṣe gbé èyí kalẹ̀? Bí ó bá sọ pé àròpín ìparí ti kúrò ní 53, ó ti di 72, tí ó fi 19 lé e, òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán, nítorí pé kíláàsì kejì ti fi 6 ju ti ìṣáájú lọ kí ó tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ìṣirò kan wà tí ó ń wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ jèrè nínú ohun tí ó kù fún wọn láti jèrè:

```
èrè = (ìparí − ìbẹ̀rẹ̀) ÷ (100 − ìbẹ̀rẹ̀)
```

Fún ọdún kìíní, 53 yọ 38 jẹ́ 15. Ohun tí ó kù fún wọn láti mọ̀ jẹ́ 62. 15 pín sí 62 jẹ́ 0.24. Fún ọdún kejì, 28 pín sí 56 jẹ́ 0.50. Ìyẹn ni pé kíláàsì kìíní kọ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọn kò mọ̀, kíláàsì kejì sì kọ́ ìdajì. Richard Hake, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ ìṣirò yìí di mímọ̀ ní ọdún 1998, nígbà tí ó kó èsì akẹ́kọ̀ọ́ 6,542 jọ láti inú kọ́ọ̀sì 62, tí ó sì rí i pé àròpín èrè àwọn kọ́ọ̀sì tí a fi àsọyé nìkan kọ́ jẹ́ 0.23, tí ti àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì sì jẹ́ 0.48. Kí olùkọ́ wa má ṣe torí pé nọ́ńbà rẹ̀ jọ ti Hake kí ó máa fi wọ́n wé ara wọn. Ìdánwò físíìsì kan tí gbogbo àgbáyé mọ̀ ni tọ̀hún, àyọkà tí òun fúnra rẹ̀ yàn sì ni tirẹ̀. Ara rẹ̀ àná ni kí ó fi ara rẹ̀ òní wé.

Ìbéèrè méjì ni ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́n yóò kọ́kọ́ bi í. Èkíní, ta ni ó mọ̀ bóyá àyọkà ọdún kejì rọrùn ju ti ọdún kìíní lọ? Ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àfikún: àwọn àyọkà náà fúnra wọn, tí a kọ iye ìsúnkì tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí etí wọn, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á. Èkejì, ta ni ó mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni ó dẹ̀ níbi ìmáàkì? Fún èyí, kí ó mú ìwé mẹ́wàá láti ọdún méjèèjì, kí ó pa orúkọ àti ọjọ́ rẹ́, kí ó da wọ́n pọ̀, kí ó sì bẹ ẹlẹgbẹ́ kan pé kí ó tún wọn máàkì pẹ̀lú ìlànà kan náà. Bí máàkì méjèèjì bá sún mọ́ ara wọn, ó ti rí ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ó sàn kí òun mọ̀ nílé ju kí ìgbìmọ̀ mọ̀ lóde lọ.

Síbẹ̀, ẹnìkan lè sọ pé kíláàsì kejì kàn jẹ́ àwọn ọmọ tí orí wọn pé ni. Kíláàsì tí a ó fi wé e ni ó lè mú irú iyèméjì yìí kúrò. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Alíù Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ oòdáyé ní ọdún 1970, wọn kò fi mọ sórí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi èdè abínibí kọ́. Wọ́n ní kíláàsì mìíràn tí ń tẹ̀ lé ọ̀nà àtijọ́, kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò fi wọ́n wé. Olùkọ́ kan ṣoṣo kò lágbára irú ètò bẹ́ẹ̀, kíláàsì rẹ̀ ti àtijọ́ ni yóò dúró fún un, ìyẹn kò sì lágbára tó; kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an nínú àlàyé rẹ̀, kí ó sì fi èsì ọdún kẹta kún un bí ó bá ní in. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá sì tó 20, kí ó ṣọ́ra fún àròpín, nítorí ọmọ méjì tí ara wọn kò dá lọ́jọ́ ìdánwò lè tì í síwá sẹ́yìn.

Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ àti ojú ẹlẹgbẹ́

Ìwé ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ní ìparí sáà jẹ́ ẹ̀rí tí ó rọrùn láti rí, tí ó sì rọrùn láti ṣì lò. Kí olùkọ́ máa kọ iye tí ó dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ó wà ní kíláàsì, bí àpẹẹrẹ 29 nínú 46, nítorí ẹni tí inú rẹ̀ dùn gan-an àti ẹni tí inú bí gan-an ni ó sábà máa ń yára dáhùn. Kí ìbéèrè má yí padà láti ọdún dé ọdún. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó mú ìbéèrè tí ó kan ohun tí ó yí padà gan-an wá síwájú. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìbéèrè bóyá “olùkọ́ yìí dára” kò sọ ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè bóyá “a dá iṣẹ́ mi padà ní àsìkò tí mo lè fi í kọ́gbọ́n”, tí ó kúrò ní 2.6 nínú 5, tí ó sì di 4.1, bá ìpinnu ọdún kejì mu wẹ́kú. Ọ̀rọ̀ tí kò dùn náà ní àyè tirẹ̀: bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní bá kọ ọ́ pé òun kò mọ ibi tí òun ti ṣì í títí ìdánwò fi dé, kí a tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ bí ó ti kọ ọ́, nítorí òun ni ó jẹ́ gbòǹgbò ìyípadà náà.

Ti ẹlẹgbẹ́ tí ó wá wo kíláàsì, lẹ́tà ìyìn tí ó sọ pé “olùkọ́ tí ó múra sí iṣẹ́ ni” kò wúlò fún ìdàgbàsókè. Ohun tí ó wúlò ni pé kí ẹnìkan náà wá lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí ohun tí yóò wò, kí ó sì kọ ohun tí ó rí, kì í ṣe ohun tí ó rò. Bí ó bá kọ ọ́ pé nínú ìṣẹ́jú 50, olùkọ́ ni ó sọ̀rọ̀ fún 44 ní ọdún kìíní, tí ó sì di 27 ní ọdún kejì, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ ní ìyókù, ìgbìmọ̀ yóò rí kíláàsì náà bí ẹni pé wọ́n jókòó sí i.

Ìtò àti ìpamọ́

Gbogbo àfikún ni kí ó ní nọ́ńbà, kí gbólóhùn tí ó bá nílò rẹ̀ nínú àlàyé sì tọ́ka sí nọ́ńbà náà. Kí a lẹ gbólóhùn mẹ́ta mọ́ iwájú àfikún kọ̀ọ̀kan: ohun tí ó jẹ́ àti ọjọ́ rẹ̀, ibi tí òǹkàwé yóò wò nínú rẹ̀, àti ohun tí olùkọ́ ṣe nítorí rẹ̀. Àfikún tí kò bá ní gbólóhùn kẹta lè jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀rí ìdàgbàsókè. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ti tó: méjì láti ọdún kìíní, méjì láti ọdún kejì, ọ̀kan láti àárín kíláàsì àti ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tí ó bá mú àwọn tí ó gbégbá orókè nìkan wá kò fi hàn pé òun kọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ó gba àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíkọ sílẹ̀, kí ó sì bo orúkọ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta ni ó jọ ń kọ́ kọ́ọ̀sì náà, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìgbéga ń wá ìka ẹnìkan. Kí olùkọ́ sọ apá tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí ó sì gba lẹ́tà kúkúrú láti ọwọ́ àwọn yòókù pé bẹ́ẹ̀ ni.

Igi gànganràn má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá dúró di ọdún ìgbéga kí ó tó bẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ti di ohun tí a fi dáná, a kò sì lè padà lọ ṣe ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ fún kíláàsì tí ó ti gba ìwé-ẹ̀rí lọ. Àpótí kan fún kọ́ọ̀sì kan, àti ojú-ìwé kan tí a kọ ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan nípa ohun tí a fẹ́ yí padà, ti tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ó wà lórí ojú-ìwé yẹn ni yóò jẹ́rìí pé ìpinnu náà ṣáájú èsì.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kíláàsì kan wọlé pẹ̀lú àròpín 60, ó sì jáde pẹ̀lú 76. Kíláàsì kejì wọlé pẹ̀lú 30, ó sì jáde pẹ̀lú 58. Ṣírò èrè kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ wọn kọ ọ́ sínú àlàyé rẹ̀ pé ìkọ́ni òun rẹ̀yìn láàárín ọdún méjèèjì nítorí pé àròpín ìparí lọ sílẹ̀. Tún gbólóhùn náà kọ fún un.

2. Mú ìlànà kọ́ọ̀sì kan tí o ti fi kọ́ ènìyàn rí, àti gbólóhùn kan tí o gbàgbọ́ nípa ìkọ́ni. Fa ìlà sábẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó gbè gbólóhùn náà lẹ́sẹ̀ àti èyí tí ó ta kò ó, kí o sì kọ gbólóhùn mẹ́ta tí ìwọ yóò lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ bí o bá fẹ́ fi ṣe àfikún.